Kúnlé ni gbogbo ayé ń pè mí, Ọlákúnlé ló wà nínú NIN mi

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà pàṣẹ pé, tó bá di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2024, kí àwọn báńkì má jẹ́ kí owó jáde mọ́ nínú àkáǹtì tí kò bá ní BVN tàbí NIN. Ọ̀pọ̀ èèyàn sáré lọ so nọ́ńbà wọn mọ́ àkáǹtì, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ pé orúkọ wọn ò bára mu. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè ò ti dáwọ́ dúró.

Ṣé Kúnlé kì í ṣe orúkọ ni?

Orúkọ ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bí a bá ń gé orúkọ Yorùbá kúrú, iwájú la sábà máa ń gé: Adé, Ọlá, Akin, Oyè, Olú. Ìdí orúkọ ló ń kù sí wa lẹ́nu. Gbogbo ayé wá mọ̀ pé nǹkan kan kún ilé yín, wọn ò mọ̀ bóyá adé ni àbí ọlá. Bẹ́ẹ̀ iwájú tí a gé yìí ló sábà ń sọ irú ilé tí wọ́n ti bíni. Akínwándé Olúwọlé Babátúndé ni wọ́n sọ Ṣóyínká, síbẹ̀ Wọlé ni gbogbo ayé mọ̀ nígbà tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1986. Ajíbọ́lá ni Bọ́lá Ìgè. Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn.

Kí ló wá dé tí báńkì ò gbà pé èmi kan náà ni?

Ẹ̀rọ ò mọ ìtumọ̀, lẹ́tà ló ń kà. Mo tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n mi lọ sí báńkì kan. KUNLE ló wà lórí àkáǹtì tó ti ṣí látìgbà tó wà ní yunifásítì, OLAKUNLE ló wà nínú NIN. Akọ̀wé tó jókòó síbẹ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa, ó tilẹ̀ ń pè é ní "Ẹ̀gbọ́n Kúnlé", àmọ́ kò lè ṣe nǹkan kan sí ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà.

Ṣé kí n lọ yí orúkọ padà ni?

Ẹ fara balẹ̀, torí ibí yìí ni wọ́n ti ń ṣi èèyàn lọ́nà. Ìwé ìbúra oríṣi méjì ni wọ́n ń ṣe ní ilé ẹjọ́ gíga. Nínú ọ̀kan, ẹ ó búra pé Kúnlé tó wà lórí ìwé kan àti Ọlákúnlé tó wà lórí òmíràn, ẹnì kan ṣoṣo ni, ẹ̀yin náà ni. Nínú èkejì, ẹ ó sọ pé ẹ ti fi orúkọ kan sílẹ̀, òmíràn lẹ ń jẹ́ báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi ò fi orúkọ kankan sílẹ̀, nítorí náà ti àkọ́kọ́ ló ṣe. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń kọ̀wé níwájú ilé ẹjọ́ ti fẹ́ kọ èkejì fún un, torí òun ni ọwọ́ wọn mọ́.

Bí ilé iṣẹ́ kan bá ní kí ẹ gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn, ẹ rí i dájú pé ó wà níbẹ̀ pé gbogbo ìwé yín àtẹ̀yìnwá ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí gbólóhùn yẹn ò bá sí níbẹ̀, ẹnikẹ́ni lè bi yín pé ta ló ni ìwé ẹ̀rí Kúnlé.

Kí ẹ sì rántí pé ìwé ìbúra kì í tún NIN ṣe fúnra rẹ̀. Ọ̀dọ̀ NIMC, àjọ tó ń ṣe NIN, lẹ ó mú un lọ, tàbí kí ẹ ṣe é lójú òpó wọn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó kọjú sí báńkì.

Èwo nínú orúkọ méjèèjì ni kí n mú?

Èyí tó wà lórí ìwé tó le jù láti tún ṣe, ìyẹn sì sábà máa ń jẹ́ ìwé ẹ̀rí ìdánwò WAEC. Bó bá jẹ́ Kúnlé ló wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí NIN bá a mu. Ti ẹ̀gbọ́n mi, Ọlákúnlé ló wà lórí WAEC, àkáǹtì nìkan ló tún ṣe.

Ṣé owó mi lè lọ?

Rárá, owó yín wà níbẹ̀. Yíyọ rẹ̀ ni wọ́n dá dúró.

Mo fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní Kúnlé níbi iṣẹ́. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́?

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó tó mọ́ wọn lẹ́nu. "Ọlákúnlé lorúkọ mi, Kúnlé ni kí ẹ máa pè mí." Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sísàlẹ̀ lẹ́tà yín náà. Lórí fọ́ọ̀mù, odindi orúkọ ni kí ẹ kọ. Bí ọ̀gá bá ń pè yín ní "Ọlá", ẹ yọ́ ọ sọ fún un ní kọ̀rọ̀. Ti àwọn ìyàwó ilé tó ń pè yín ní Ìbàdíàrán tàbí Eyínfúnjowó, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Àwọn ló ni ín, kò sì ní dé báńkì.

Ọmọ mi fẹ́ wọ iléèwé. Kí ni kí n ṣọ́?

Ẹ má fi ẹnu lásán sọ orúkọ rẹ̀ fún tíṣà. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ìbí dání, kí ẹ sì dúró tì í bó ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé. Inú NIN ni JAMB ti ń mú orúkọ láti ọdún 2021, nítorí náà, kí ẹ tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún WAEC, ẹ gbé NIN àti ìwé ìbí síwájú ara wọn, kí ẹ fi ìka tẹ̀ lé e lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.