Kóòdù Dé, Síbẹ̀ Olè Wọlé: Bí Ìjẹ́rìísí Onípele Méjì Ṣe Ń Ṣọ́ Àkáǹtì Yín

Màmá kan pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ohùn wọn ń gbọ̀n. Olè ti gba àkáǹtì ímeèlì wọn. Ohun tó dùn wọ́n jù ni pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti tan ìjẹ́rìísí onípele méjì sí i, wọ́n sì ti gbà pé àwọn ti bọ́. "Ọmọ mi, èmi gan-an ni mo ka kóòdù yẹn lórí fóònù mi, èmi ni mo fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́. Báwo ló ṣe wá jẹ́ pé olè ló wọlé?"

Ìbéèrè yẹn gba ìdáhùn tó kún, ṣùgbọ́n kò lè yé èèyàn àfi tó bá kọ́kọ́ mọ ohun tí kóòdù náà jẹ́ àti ibi tó ti ń wá.

Páswọ́ọ̀dù jẹ́ ohun tí ẹ mọ̀. Ìṣòro ohun téèyàn mọ̀ ni pé ẹlòmíràn lè mọ̀ ọ́n láìjẹ́ pé ó sọnù lọ́wọ́ ẹni. Bí olè bá jí bàtà yín, ẹ ó wá a tì. Bó bá jí páswọ́ọ̀dù yín, ó ṣì wà lórí yín digbí, ẹ ò sì ní fura. Nígbà míì, ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣàṣìṣe. Ẹ forúkọ sílẹ̀ ní ìkànnì kékeré kan lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, olè fọ́ ìkànnì yẹn, ó kó ímeèlì àti páswọ́ọ̀dù gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, ó sì ní kí ẹ̀rọ máa dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà àwọn ìkànnì ńlá. Ẹni tó bá lo páswọ́ọ̀dù kan náà níbi méjì ti wọ gàù.

Ìjẹ́rìísí onípele méjì máa ń béèrè ohun kejì, èyí tó jẹ́ ohun tí ẹ ní lọ́wọ́: fóònù yín, tàbí kọ́kọ́rọ́ kékeré kan tí ẹ ń kì bọ ara kọ̀ǹpútà. Agbára rẹ̀ wà nínú pé irú ohun méjèèjì yàtọ̀ síra. Ìkànnì tó béèrè páswọ́ọ̀dù, tó tún béèrè orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yín, ohun tí ẹ mọ̀ ló béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ọgbọ́n tí olè fi jí ọ̀kan náà ni yóò fi jí èkejì.

Ẹ jẹ́ ká wá wo kóòdù oní-nọ́ńbà mẹ́fà tó ń yí padà ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá nínú áàpù tó ń ṣẹ̀dá kóòdù lórí fóònù. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ilé-iṣẹ́ tó ni ìkànnì ló ń fi í ránṣẹ́. Rárá o. Lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ tò ó, àwòrán onígun mẹ́rin kan tó ní àmì dúdú àti funfun hàn lójú kọ̀ǹpútà, ẹ sì fi kámẹ́rà fóònù wò ó. Àṣírí kan ló wà nínú àwòrán yẹn, ọ̀wọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ̀dá fún yín nìkan. Fóònù yín tọ́jú ẹ̀dà kan, ilé-iṣẹ́ tọ́jú èkejì. Láti ọjọ́ náà, kò tún pọn dandan kí àwọn méjèèjì bára wọn sọ̀rọ̀ kí kóòdù tó jáde.

Fóònù yóò ka iye ìṣẹ́jú-àáyá tó ti kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970, yóò wo iye ọgbọ̀n-ọgbọ̀n tó wà nínú rẹ̀, yóò po iye yẹn pọ̀ mọ́ àṣírí náà pẹ̀lú ìṣirò kan tí kò ṣeé dà padà, yóò sì gé ohun tó jáde kù sí nọ́ńbà mẹ́fà. Ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe ìṣirò kan náà níbi tirẹ̀. Bí àṣírí bá jọra, tí aago sì jọra, kóòdù á jọra. TOTP ni orúkọ ìlànà yìí, ọdún 2011 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ayé, òun ló sì jẹ́ kí áàpù ilé-iṣẹ́ kan lè ṣiṣẹ́ fún àkáǹtì ilé-iṣẹ́ mìíràn.

Nítorí náà, ẹ pa dátà, ẹ yọ síìmù, kóòdù á ṣì máa yí lọ, torí aago nìkan ló nílò. Ṣùgbọ́n bí aago fóònù bá fi ìṣẹ́jú mélòó kan yára tàbí falẹ̀, gbogbo kóòdù tí ẹ bá tẹ̀ ni ìkànnì á kọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ohun tó ṣe àkáǹtì yín. Mo mọ ẹni tó pa áàpù rẹ̀ rẹ́ nítorí èyí, tí àṣírí inú rẹ̀ sì bá a lọ. Kó kàn ní kí fóònù máa ṣàtúnṣe aago fúnra rẹ̀ ni ì bá ti tó.

Olè tó ní páswọ́ọ̀dù yín nìkan á wá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Nọ́ńbà mẹ́fà lè tò lọ́nà 1,000,000, ìkànnì kì í gba kóòdù kọ̀ọ̀kan kọjá àkókò kúkúrú, ìkànnì tó mọṣẹ́ rẹ̀ á sì tilẹ̀kùn lẹ́yìn àṣìṣe díẹ̀. Kò lè fi ìméfò wọlé.

Kóòdù tó ń bá àtẹ̀jíṣẹ́ wá yàtọ̀. Ìyẹn ni ilé-iṣẹ́ ń fi ránṣẹ́ lóòótọ́, nọ́ńbà yín ló sì ń fi í ránṣẹ́ sí, kì í ṣe fóònù yín. Ìyàtọ̀ ńlá ni. Ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ni nọ́ńbà wà. Bí gbájúẹ̀ kan bá purọ́ fún òṣìṣẹ́ ibẹ̀ pé síìmù òun sọnù, tí wọ́n sì gbé nọ́ńbà yín sórí síìmù tuntun fún un, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kóòdù á máa lọ. Ẹ ó mọ̀ ọ́n ní ti pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín á ṣàdédé lọ láìpadà, nígbà tí ti ẹni tó jókòó tì yín, tó ń lo ilé-iṣẹ́ kan náà, ṣì wà. Lóṣù kẹfà ọdún 2018, olè wọ àkáǹtì àwọn òṣìṣẹ́ mélòó kan ní Reddit, ilé-iṣẹ́ tó ni ìkànnì ìjíròrò ńlá kan. Ilé-iṣẹ́ náà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé àtẹ̀jíṣẹ́ kóòdù tí olè gbà lọ́nà ló fà á. Síbẹ̀, bí àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan ni ìkànnì kan ní, ẹ tan án, ẹ má fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ lófìfo.

Ọ̀rọ̀ màmá yẹn kì í ṣe ti síìmù. Áàpù ni wọ́n ń lò. Mo ní kí wọ́n rọra ro ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ímeèlì kan wọlé pé ẹnì kan ń gbìyànjú láti wọ àkáǹtì wọn, kí wọ́n tètè tẹ ibì kan láti dá a dúró. Ojú ìwé tó ṣí jọ ti ìkànnì wọn bí ìbejì. Ó béèrè páswọ́ọ̀dù, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó béèrè kóòdù, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé ohun gbogbo ti parí.

Lẹ́yìn ojú ìwé ayédèrú yẹn, ẹ̀rọ kan ń gba ohunkóhun tí wọ́n bá tẹ̀, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ sí ìkànnì gidi lójú ẹsẹ̀. Ìkànnì gidi gba páswọ́ọ̀dù, ó béèrè kóòdù. Ayédèrú náà yíjú sí màmá, ó béèrè kóòdù. Bó bá ṣẹ́ ku ogún ìṣẹ́jú-àáyá kí kóòdù náà yí padà, ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì ti tó ẹ̀rọ. Kóòdù tọ̀nà, àsìkò rẹ̀ kò tíì kọjá, ìkànnì gidi ṣílẹ̀kùn. Olè ò fọ́ ohunkóhun, ó kàn dúró láàárín ni. Kóòdù ò mọ ẹni tó ń tẹ òun, kò sì mọ ibi tí wọ́n ń tẹ òun sí.

Mo sọ fún màmá pé kí wọ́n má dá ara wọn lẹ́bi, mo sì ní ẹ̀rí. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2022, àtẹ̀jíṣẹ́ ẹ̀tàn tó jọ ímeèlì yẹn dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ tí kò dín ní 76 ní Cloudflare, ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ pé ààbò ayélujára wà lára iṣẹ́ tó ń tà. Adírẹ́sì inú rẹ̀ ni `cloudflare-okta.com`, kò sì tíì pé ogójì ìṣẹ́jú tí wọ́n fi orúkọ yẹn sílẹ̀ kí àtẹ̀jíṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta tẹ páswọ́ọ̀dù wọn sí i. Ojú ìwé náà ti múra láti béèrè kóòdù TOTP bí ti màmá gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n olè ò rí ọ̀nà wọlé, torí Cloudflare kì í lo kóòdù. Kọ́kọ́rọ́ ààbò, irú èyí tí ẹ ń kì bọ ara kọ̀ǹpútà, ni gbogbo òṣìṣẹ́ wọn ń lò.

Ohun tí kọ́kọ́rọ́ yẹn mọ̀ tí kóòdù kò mọ̀ ni orúkọ ìkànnì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, á ṣẹ̀dá àṣírí kan tó so mọ́ adírẹ́sì ìkànnì yẹn nìkan, àṣírí náà kì í sì í jáde kúrò nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ wọlé, ìkànnì á fi ìbéèrè tuntun ránṣẹ́, bíráósà á fi adírẹ́sì tó ṣí gan-an kún un, kọ́kọ́rọ́ á wá fọwọ́ sí i. Ojú èèyàn lè máà rí ìyàtọ̀ àárín adírẹ́sì méjì tó jọra, ṣùgbọ́n bíráósà ń fi lẹ́tà wé lẹ́tà. Bí adírẹ́sì bá jẹ́ ayédèrú, kọ́kọ́rọ́ ò ní àṣírí kankan tó so mọ́ ọn, kò sì ní ohun tó máa fún un. Èyí tí fóònù ń pè ní passkey, tí ẹ fi ìtẹ̀ka tàbí ojú ń ṣí, ọ̀nà kan náà ló ń gbà ṣiṣẹ́, kò sì béèrè pé kí ẹ ra ohunkóhun.

Bó bá jẹ́ tèmi, ímeèlì ni màá kọ́kọ́ fi passkey tàbí kọ́kọ́rọ́ sí, torí ibẹ̀ ni àwọn àkáǹtì yòókù ń fi ọ̀nà láti yan páswọ́ọ̀dù tuntun ránṣẹ́ sí. Níbi tó bá ti jẹ́ kóòdù nìkan ló wà, ẹ fúnra yín tẹ adírẹ́sì ìkànnì, ẹ má gba inú ímeèlì tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé. Bí fóònù yín bá sì máa ń bá yín tẹ páswọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, tó wá dákẹ́ lọ́jọ́ kan níwájú ojú ìwé tí ẹ rò pé ẹ mọ̀, ẹ dúró, ẹ ka adírẹ́sì náà dáadáa. Bóyá ó ti rí ohun tí ojú yín ò rí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń tò ó, ìkànnì á tún fún yín ní àwọn kóòdù ìgbàpadà, tí ẹ lè lo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́ẹ̀kan péré bí fóònù bá sọnù. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé, kí ẹ sì fi ìwé náà pamọ́. Èyí tí ẹ bá ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù yẹn kan náà, fóònù ni yóò bá lọ.

A rí àkáǹtì màmá gbà padà pẹ̀lú ọ̀kan nínú irú kóòdù bẹ́ẹ̀, tí wọ́n kọ sẹ́yìn ìwé àkọsílẹ̀ wọn. Wọ́n fẹ́ yí páswọ́ọ̀dù padà kí wọ́n sì lọ sùn. Mo ní kó má tíì yá. Ẹnu ọ̀nà ni kóòdù ń ṣọ́, ẹni tó ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀ lè má jáde. A yí páswọ́ọ̀dù, a ṣí ibi tí orúkọ gbogbo ẹ̀rọ tó ti wọlé wà, a lé kọ̀ǹpútà kan tí wọn ò mọ̀ rí jáde, a pa àṣírí áàpù àtijọ́ rẹ́, a sì to passkey. Lẹ́yìn náà la wo ètò ímeèlì fúnra rẹ̀, a sì bá àṣẹ kan níbẹ̀ tí olè ti fi sílẹ̀, tó ń fi ẹ̀dà gbogbo lẹ́tà tó bá wọlé ránṣẹ́ sí adírẹ́sì kan tí màmá ò mọ̀ rí. A pa ìyẹn náà rẹ́ kí wọ́n tó lọ sùn.