Gbèsè dọ́là àti oníbàárà tó kógbá sílé: èwo ni ó wọ ìwé ìṣirò ọdún tó ti parí?

Ìbéèrè: Ilé-iṣẹ́ tí mo ń bá tọ́jú ìwé owó parí ọdún ìṣirò rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2023. Ní ọjọ́ náà, a jẹ ẹni tó ń kó ọjà ránṣẹ́ sí wa láti òkè òkun ní 200,000 dọ́là. Kí ìgbìmọ̀ olùdarí tó buwọ́ lu ìwé ìṣirò ní ìparí oṣù Kẹfà, náírà já wálẹ̀. Ọ̀gá mi ní kí n fi iye tuntun ṣírò gbèsè náà, ṣùgbọ́n ọ́dítọ̀ kò gbà. Ọ́dítọ̀ kan náà ló tún ní kí n dín mílíọ̀nù 18 náírà tí oníbàárà wa kan jẹ wá kù, bẹ́ẹ̀ oṣù Karùn-ún ni oníbàárà náà kógbá sílé. Kí ló dé tí ọ̀kan fi wọ ìwé, tí èkejì kò wọ̀ ọ́?

Ìdáhùn: Ọ́dítọ̀ yín tọ̀nà lórí méjèèjì. Ọjọ́ tí ìròyìn dé etí yín kọ́ ló ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀, nítorí pé lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ni àwọn méjèèjì dé. Ohun tí ìlànà àgbáyé tí àwọn akáúntáǹtì mọ̀ sí IAS 10 ń béèrè ni pé: ṣé ipò tí ìròyìn náà ń sọ nípa rẹ̀ ti wà nílẹ̀ ní ọjọ́ tí ọdún ìṣirò parí, àbí lẹ́yìn ọjọ́ náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀? Bí ó bá ti wà nílẹ̀, ẹ̀rí tó pẹ́ dé ni ìròyìn náà jẹ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ tún iye inú ìwé ṣe. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iye inú ìwé; ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà bá tóbi tó láti yí ìpinnu ẹni tó ń ka ìwé náà padà, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ nínú àwọn àlàyé tó wà lẹ́yìn ìwé ìṣirò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú gbèsè dọ́là. Ní ìparí oṣù Kẹta, nǹkan bíi 460 náírà ni dọ́là kan ní ọjà tí ìjọba fọwọ́ sí, nítorí náà mílíọ̀nù 92 náírà ni gbèsè yín. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pa àwọn ojú ọjà pàṣípààrọ̀ pọ̀ di ọ̀kan, ó sì jẹ́ kí àwọn tó ń rà àti àwọn tó ń tà máa dá iye dọ́là láàárín ara wọn. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo náà, dọ́là gbéra láti nǹkan bíi 471 náírà dé nǹkan bíi 664. Ìpinnu oṣù Kẹfà ni èyí, kò sì sí i nílẹ̀ ní oṣù Kẹta. Ọ̀gá yín lè sọ pé gbogbo ayé ló mọ̀ pé náírà kò lè dúró síbẹ̀, pé dọ́là ti ju 700 náírà lọ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní ìta láti ìgbà náà. Mo gba ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ìfojúsọ́nà kì í ṣe iye owó. Iye ọjọ́ ìparí ọdún ni a fi ń ṣírò gbèsè owó ilẹ̀ òkèèrè, ìlànà náà fúnra rẹ̀ sì ka ìyípadà ńlá nínú iye pàṣípààrọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà mọ́ àwọn ohun tí a kì í torí wọn tún iye inú ìwé ṣe.

Pé a kò tún iye náà ṣe kò wá ní kí ẹ dákẹ́. Àlàyé yín gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ó sì sọ iye tí ẹ rò pé yóò ná ilé-iṣẹ́, tàbí kí ó sọ gbangba pé kò ṣeé ṣírò. Ibí yìí ni mo ti máa ń rí àṣìṣe jù, nítorí pé ọ̀pọ̀ ń kọ pé «náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn ìparí ọdún, ó sì lè kan ilé-iṣẹ́», wọ́n á sì fi ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀. Ẹni tó yá yín lówó kò lè fi irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan. Bí a bá fi 664 ṣe é, ìyàtọ̀ lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan jẹ́ 204 náírà, gbèsè yín yóò sì fi mílíọ̀nù 40.8 náírà pọ̀ sí i. Ẹ má gbàgbé ẹ̀gbẹ́ kejì: ká ní ẹ ní 50,000 dọ́là nínú àpò owó ilẹ̀ òkèèrè yín ní báńkì ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, iye tirẹ̀ náà ti fi mílíọ̀nù 10.2 gòkè, àdánù tó ṣẹ́ kù yóò sì jẹ́ mílíọ̀nù 30.6. Dọ́là kò dúró sí 664 lẹ́yìn ọjọ́ kìíní yẹn, nítorí náà iye tó sún mọ́ ọjọ́ ìbuwọ́lù jù ni kí ẹ lò, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ ti mú un.

Ọ̀rọ̀ oníbàárà yàtọ̀, nítorí pé oníṣòwò kì í sábà kógbá sílé lọ́jọ́ kan. Bí ó bá kú ní oṣù Karùn-ún, ó ṣeé ṣe kí àìsàn náà ti wà lára rẹ̀ ní oṣù Kẹta, ìyẹn ni ìlànà náà fi sọ pé irú ìkógbásílé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́rìí sí i pé gbèsè náà ti bàjẹ́ ní ọjọ́ ìparí ọdún. Bí àwọn tó ń pín ohun ìní rẹ̀ bá ní mílíọ̀nù 3 péré ni yóò kàn yín nínú 18, mílíọ̀nù 15 ni àdánù, inú ọdún tó parí ní oṣù Kẹta ni yóò sì wọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fiyè sí «sábà». Ká ní ó ń san owó déédéé títí iná fi jó ilé ìtajà rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún, ọ̀rọ̀ tuntun nìyẹn, àlàyé lásán ni yóò sì gbà. Ká ní oṣù Kẹfà ni ó kógbá sílé, tí ó sì jẹ́ ìyípadà ọjọ́ 14 oṣù náà ló bì í ṣubú, bákan náà ni. Inú ìwé tiyín ni ẹ ó ti mọ èyí tó jẹ́: ẹ wo bí àwọn owó ọjà tó jẹ ṣe pẹ́ tó ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, àwọn ṣẹ́ẹ̀kì tí báńkì dá padà ṣáájú ọjọ́ náà, àti àwọn lẹ́tà tó fi ń bẹ̀bẹ̀ fún sáà. Bí ìṣòro rẹ̀ bá hàn níbẹ̀, ẹ tún iye ṣe.

Ọjọ́ ìbuwọ́lù ìgbìmọ̀ olùdarí ni ìgbà tí ilẹ̀kùn ń tì. Kì í ṣe ọjọ́ ìpàdé ọdọọdún àwọn onípìn-ín. Ìwé ìṣirò gbọ́dọ̀ sọ ọjọ́ náà àti ẹni tó fọwọ́ sí i, kí òǹkàwé lè mọ ibi tí ìròyìn inú rẹ̀ dé. Ká ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà ni wọ́n buwọ́ lù ú, ìlànà yìí kì bá tí béèrè àlàyé kankan nípa dọ́là.

Ọ̀nà kan ṣoṣo wà tí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ fi lè padà wọ inú ìwé, ìyẹn nígbà tí ó bá gbá ilé-iṣẹ́ débi pé àwọn olùdarí fẹ́ ti ilẹ̀kùn rẹ̀, tàbí pé kò sí ọ̀nà mìíràn tó ṣeé gbà. Nígbà náà, a kò ní lè kọ ìwé náà mọ́ bí ti ilé-iṣẹ́ tí yóò máa bá iṣẹ́ lọ. Gbogbo ìpìlẹ̀ tí a fi kọ ọ́ ni yóò yí. Bí ó bá jẹ́ iyèméjì ńlá nìkan ni, a óò ṣàlàyé iyèméjì náà. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ àlàyé àdánù dọ́là yẹn, ẹ wo ọjọ́ tí 200,000 dọ́là náà tó san, ẹ wo owó tí ẹ ní lọ́wọ́ àti èyí tí yóò wọlé ṣáájú ọjọ́ náà, kí ẹ sì fi ìṣirò yẹn han ọ́dítọ̀ pẹ̀lú ìyókù.