Bí a ṣe ń díwọ̀n àwọ̀ sàfáyà àti émírádì

Ẹni tó ń díwọ̀n àwọ̀ òkúta iyebíye máa ń ya ohun mẹ́ta sọ́tọ̀: irú àwọ̀ tí ó jẹ́, bí ó ṣe ṣú tó, àti bí ó ṣe mọ́ gaara tó. Ìkejì àti ìkẹta ni àwọn ènìyàn sábà máa ń pò pọ̀. Aṣọ tí a rẹ sínú aró lẹ́ẹ̀mẹ́ta ṣú ju èyí tí a rẹ lẹ́ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n bí omi aró náà bá ti dọ̀tí, aṣọ lè ṣú kí ó má sì tàn rárá.

Nínú ètò ilé-ẹ̀kọ́ GIA ní Amẹ́ríkà, ṣíṣú lọ láti 0, tí kò ní àwọ̀, dé 10, tí ó jẹ́ dúdú pátápátá. Mímọ́ gaara sì lọ láti 1 dé 6, tí ó mọ́ jù lọ. Bí búlúù tàbí àwọ̀ ewé kò bá mọ́, eérú ni a máa ń rí nínú rẹ̀.

A máa ń nu òkúta náà, a ó gbé e sórí pépà funfun lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó dà bí ti ọ̀sán, a ó wò ó lójúkojú, a ó sì rọra yí i síwá-sẹ́yìn. Gílóòbù aláwọ̀ iná àbẹ́là lè mú kí sàfáyà tó dára ṣú sí i. Àárín tó ṣófo bíi fèrèsé àti ibi tó dúdú nítorí bí wọ́n ṣe gé òkúta náà kì í wọ inú ìṣirò. Àwọ̀ tó gba ojú òkúta jù lọ ni a ń wò.

Ẹ jẹ́ ká mú sàfáyà kan láti òkè Mambila ní Ìpínlẹ̀ Taraba, níbi tí irin ti sábà máa ń pọ̀ nínú òkúta. Lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì tí ẹni tó ń tà á tàn láti ẹ̀yìn, búlúù rẹ̀ wuni púpọ̀. Nígbà tí ó délẹ̀ sórí pépà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, àwọ̀ ewé díẹ̀ sì yọ létí rẹ̀: búlúù tó fara mọ́ ewé, ṣíṣú 8, mímọ́ 3. Sàfáyà mìíràn tí ṣíṣú rẹ̀ jẹ́ 5, tí mímọ́ rẹ̀ sì tó 5, á borí rẹ̀ lọ́jà, bí ó tilẹ̀ fúyẹ́ jù ú lọ.

Ti émírádì yàtọ̀ díẹ̀. Èròjà kírómíọ̀mù tàbí fanédíọ̀mù ló ń fún un ní àwọ̀ ewé. Irin sì lè fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ búlúù, èyí tí ọjà gbà bí ó bá mọ níwọ̀n. Bí ó bá ṣíra sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ ìyeyè púpọ̀, iye rẹ̀ á relẹ̀. Irú òkúta tí wọ́n ń pè ní bẹ́rílì ni émírádì. Èyí tó fẹ́rẹ́fẹ́ jù, bẹ́rílì aláwọ̀ ewé lásán ni wọ́n á pè é, ṣùgbọ́n àwọn ilé àyẹ̀wò kì í fi ààlà náà sí ojú kan, nítorí náà òkúta kan náà lè gba orúkọ méjì.