Ṣíìfù ọjọ́ 4 iṣẹ́, ọjọ́ 4 ọ́ọ̀fù: ta lẹ máa pè lọ́jọ́ tẹ́nì kan ò bá wá?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé-iṣẹ́ kékeré tí ẹ̀rọ inú ẹ̀ ò gbọdọ̀ dúró tọ̀sán tòru, tẹ́ ẹ wá ń ronú àtikó àwọn òṣìṣẹ́ yín sórí ṣíìfù wákàtí 12, kéèyàn ṣiṣẹ́ ọjọ́ 4 kó sinmi ọjọ́ 4, rósítà yẹn ò le láti yà rárá. Ọjọ́ tẹ́nì kan bá ṣàìsàn lẹ máa tó mọ̀ bóyá rósítà yín dáa tàbí kò dáa. Torí náà ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe náílọ́ọ̀nù. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni, èèyàn 2 ló ń dúró tì í ní ṣíìfù kọ̀ọ̀kan, ṣíìfù ọ̀sán látago 7 àárọ̀ dé 7 alẹ́, ti alẹ́ látago 7 alẹ́ dé 7 àárọ̀. Ẹ máa nílò tíìmù 4, èèyàn 8 nìyẹn. Bí mo ṣe máa ń tò ó rèé, Ọ ni ọ̀sán, L ni alẹ́, ilà kékeré yẹn ni ọ́ọ̀fù:

```
Ọjọ́      1 2 3 4 5 6 7 8
Tíìmù A  Ọ Ọ L L - - - -
Tíìmù B  - - Ọ Ọ L L - -
Tíìmù D  - - - - Ọ Ọ L L
Tíìmù E  L L - - - - Ọ Ọ
```

Ẹ wo ọjọ́ èyíkéyìí, ẹ máa rí Ọ kan, L kan, ọ́ọ̀fù 2. Tó bá dọjọ́ 9 a tún bẹ̀rẹ̀ látorí ọjọ́ 1. Wákàtí 48 lèèyàn ń ṣe láàárín ọjọ́ 8, ìyẹn á jẹ́ wákàtí 42 lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ bá pín in dọ́gba, àmọ́ tẹ́ ẹ bá wo ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, òmíì á jẹ́ 36, òmíì á jẹ́ 48, torí náà kẹ́ ẹ bá àwọn èèyàn yín sọ ọ́ yanjú lórí owó oṣù àti ófátáìmù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì wo ohun tí òfin iṣẹ́ níbi tẹ́ ẹ wà sọ nípa wákàtí iṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló fẹ́ràn irú kejì, èyí téèyàn á ṣe ọ̀sán 4, sinmi 4, ṣe alẹ́ 4, sinmi 4. Wọ́n ní ó rọrùn, èèyàn ò ní máa yí láti ọ̀sán sí alẹ́ láàárín wákàtí 24. Òótọ́ wà níbẹ̀, ìyípadà yẹn ń ni ara lára, ẹni tó bá parí ọ̀sán láago 7 alẹ́ tó máa wọ alẹ́ lọ́jọ́ kejì gbọ́dọ̀ sùn pẹ́ láàárọ̀ kó tún sùn díẹ̀ lọ́sàn-án kó tó wá. Ṣùgbọ́n alẹ́ 4 léra wọn, wákàtí 12 kọ̀ọ̀kan, ó pọ̀ jù fún ẹni tó ń dúró ti ẹ̀rọ gbígbóná. Àjọ HSE tó ń mójú tó ààbò lẹ́nu iṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbani nímọ̀ràn nínú ìwé tí wọ́n ṣe lórí iṣẹ́ ṣíìfù lọ́dún 2006 pé ó sàn kí irú ṣíìfù gígùn tàbí ti alẹ́ bẹ́ẹ̀ má ju 2 sí 3 léra wọn lọ.

Nǹkan kejì tí mi ò rí kí àwọn èèyàn sọ tó ni ti ẹni tẹ́ ẹ máa pè tẹ́nì kan ò bá wá. Ẹni tó wà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ọ́ọ̀fù ẹ̀, àárọ̀ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ṣíìfù alẹ́, oorun ló ń sùn, ẹ ò gbọdọ̀ pè é. Ẹni tó wà lọ́jọ́ kẹrin, tẹ́ ẹ bá pè é, ọ̀la ló máa bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ 4 tiẹ̀, ó di ọjọ́ 5 léra wọn nìyẹn, tó bá sì jẹ́ alẹ́ lẹ pè é sí, aago 7 àárọ̀ tó ń jáde náà ló yẹ kó tún wọṣẹ́! Ọjọ́ kejì àti ìkẹta nìkan lẹ lè pe èèyàn. Ó dáa, ẹ padà síbi tábìlì yẹn. Lọ́jọ́ 1, tíìmù B wà lọ́jọ́ kẹta ọ́ọ̀fù wọn, D wà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí náà B lẹ máa pè. Tó bá di ọjọ́ 2, B ti dé ọjọ́ kẹrin, D ti dé ọjọ́ kejì, D lẹ máa pè. Bó ṣe máa rí lọ nìyẹn, kò sọ́jọ́ kan tẹ́ ẹ ò ní rí tíìmù kan pè, kò dẹ̀ sọ́jọ́ tẹ́ ẹ máa jiyàn lórí tíìmù tó kàn. Ṣùgbọ́n nínú irú kejì yẹn, tíìmù 2 tó wà ní ọ́ọ̀fù, ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń bẹ̀rẹ̀ ọ́ọ̀fù wọn, ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń parí ẹ̀, nítorí náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ àti ìkẹrin kò sẹ́ni tó ṣeé pè dáadáa. Ohun tó jẹ́ kí n máa rọ àwọn ilé-iṣẹ́ kékeré pé kí wọ́n mú irú àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ẹ ṣáà kọ ọ́ mọ́ ara rósítà, kẹ́ ẹ fi àmì sí ọjọ́ tí wọ́n lè pe kálukú, kẹ́nì kọ̀ọ̀kan mọ̀ pé ọjọ́ méjì yìí fóònù mi lè dún, ọjọ́ méjì yòókù tèmi ni pátápátá.

Ìpè nìkan ò ní gbà yín o. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò yìí. Ṣíìfù 2 lójúmọ́, èèyàn 2 ní ṣíìfù kan, ọjọ́ 365, ó jẹ́ 1,460. Ẹnì kan ń ṣe ìdajì ọdún, ìyẹn 182 àti ààbọ̀, ẹ fi 8 sọ ọ́ di púpọ̀, 1,460 náà ni! Kò ṣẹ́ kù rárá. Ìyẹn ni pé gbogbo ìsinmi ọdún àti àìsàn, látinú ọ́ọ̀fù ẹlòmíì ló ti ń jáde. Ká ní ìsinmi ọdún jẹ́ ọjọ́ 20 oníwákàtí 8, wákàtí 160 nìyẹn, ó jẹ́ ṣíìfù 13 àti díẹ̀ (wákàtí ni kẹ́ ẹ fi máa ka ìsinmi, ẹ má fi ọjọ́ kà á, ìjà ló máa ń dá sílẹ̀). Ẹ jẹ́ ká fi nǹkan bíi 5 kún un fún àìsàn, ó di 18. Èèyàn 8, ó di 144.

Ẹni kẹsàn-án ló lè gbé e. Òun náà á ṣe 182, ẹ yọ 18 tiẹ̀ kúrò, ó ku 164, ó tó bo 144 yẹn, èyí tó ṣẹ́ kù ẹ lè fi kọ́ ọ níṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan kì í wà níbi méjì, torí náà ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa wà lórí ìsinmi lẹ́ẹ̀kan, kí ẹni kẹsàn-án sì gba gbogbo ọjọ́ 4 ẹni yẹn tán, kó má jẹ́ pé lónìí ó wà lọ́sàn-án pẹ̀lú A, lọ́la ó wà lálẹ́ pẹ̀lú E. Ẹni tó lọ sinmi náà kò pàdánù, tó bá gba ṣíìfù 4 péré, pẹ̀lú ọ́ọ̀fù tó wà níwájú àti lẹ́yìn ẹ̀, ọjọ́ 12 ló máa fi wà nílé. Nígbà tí kò bá sẹ́ni tó wà nísinmi, kó wà lọ́sàn-án bí ẹni kẹta, kó máa fọ àsẹ́ ẹ̀rọ, kó máa kọ́ ohun tí kò tíì mọ̀.

Ẹ fún fífi iṣẹ́ léra ẹni lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ sì sanwó ẹ̀, kí wọ́n jọ dúró síbi ẹ̀rọ, kí ẹni tó ń lọ sọ bí náílọ́ọ̀nù ṣe ń nípọn sí, ibi tí iná ẹ̀rọ ti ń ṣe ségesège, ohun tí wọ́n yí padà, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé kan. Tẹ́ ẹ bá ṣí ìwé yẹn tẹ́ ẹ sì rí i pé "kò síṣòro" nìkan ni wọ́n ń kọ lójoojúmọ́, wọn ò fi iṣẹ́ lé ara wọn lọ́wọ́ nìyẹn.

Ẹ ṣe é fún ọ̀sẹ̀ 8 kẹ́ ẹ tó sọ pé ó dáa tàbí kò dáa, torí ọ̀sẹ̀ 8 ló máa gbà kí ọ́ọ̀fù kálukú tó yí ká gbogbo ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn ẹ kọ orúkọ ẹni tẹ́ ẹ bá pè àti ọjọ́ tẹ́ ẹ pè é sílẹ̀, ẹ sì máa wọn náílọ́ọ̀nù tó bàjẹ́ láàárín aago 3 sí 6 ìdájí sọ́tọ̀. Tórúkọ kan náà bá ń jáde ṣáá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹni tí kì í lè sọ pé rárá lẹ ti sọ di ẹni kẹsàn-án yín, tẹ́ ẹ bá sì wo náílọ́ọ̀nù tó bàjẹ́ ní ìdájí, àwọn alẹ́ tí òun wà níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.