Àpò wo, kílò mélòó, owó ibo?

Ẹni tó fẹ́ ra odidi àpò ìrẹsì ní Dáléko, ní Mushin, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe wàhálà lórí ìwọ̀n. Àpò ìrẹsì jẹ́ 50 kílò, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 25, wọ́n sì máa ń tẹ iye kílò sí ara àpò. Ẹ̀wà ni kò rí bẹ́ẹ̀. Àpò ńlá tó ń ti òkè Ọya wá sábà máa ń tó nǹkan bí 100 kílò, ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò kan máa ń tún un dì sí 50 kílò kó lè rọrùn láti gbé. Nígbà púpọ̀, kò sí àkọlé lára èyíkéyìí nínú wọn. "Àpò ẹ̀wà kan" sì ni wọ́n ń pe méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe máa ń dojú rú. Alásè kan ní Yábàá fẹ́ ra ẹ̀wà tí yóò fi ṣe mọ́ínmọ́ín àti àkàrà òde. Ó kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí oníṣòwò: "Ẹ kú ọjà o, Alhaja. Èló ni àpò ẹ̀wà olóyin?" Ìdáhùn dé: "52, ma." Alásè náà fèsì: "Àpò mẹ́rin, 52-52, àbí?" Alhaja ní: "Bẹ́ẹ̀ ni." Ló bá fi ₦208,000 ránṣẹ́. 400 kílò ló wà lọ́kàn ẹni tó sanwó. 200 kílò ni Alhaja fẹ́ kó ránṣẹ́. Kò sẹ́ni tó purọ́ fún ẹnì kejì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni "àbí?" yẹn. Lóòótọ́, alásè náà béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí kò yéni tẹ́lẹ̀ náà ló tún dá padà, bẹ́ẹ̀ sì ni "bẹ́ẹ̀ ni" bá ohun tó wà lọ́kàn àwọn méjèèjì mu. Ìbéèrè tó ń mú òtítọ́ jáde ni èyí tí ẹni tí wọ́n bi kò lè fi "bẹ́ẹ̀ ni" dáhùn: "Alhaja, kílò mélòó ló wà nínú àpò kan?" Kí òun fúnra rẹ̀ dárúkọ iye náà. Téèyàn bá kọ́kọ́ sọ pé "100 kílò ni, àbí?", oníbàárà mìíràn lè ń pe Alhaja lórí fóònù lọ́wọ́ kan náà, Alhaja yóò kàn ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ohun kejì ni pé kéèyàn sọ owó náà di ti kílò kan. Tí àpò ₦52,000 bá jẹ́ 100 kílò, kílò kan jẹ́ ₦520. Tó bá jẹ́ 50, kílò kan jẹ́ ₦1,040. Kí alásè náà wá wo iye kóńgò ládùúgbò. Kóńgò ẹ̀wà kan máa ń tó kílò kan ààbọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí wọ́n bá ṣe rọ ọ́ tó lórí àti bí ìsàlẹ̀ kóńgò náà bá ṣe rí lè yí i padà díẹ̀. Ká ní ₦1,700 ni kóńgò lọ́jọ́ náà, kílò kan ti lé ní ₦1,100 nìyẹn. Odidi àpò máa ń dín díẹ̀ sí ti kóńgò, kì í dín tó ìdajì. Torí náà, ₦520 ti fi hàn kí owó tó jáde pé àpò 50 kílò ni.

Ìṣirò kan náà ló ń gba àwọn tó ń ta kajú fún àwọn tó ń kó o gba èbúté Àpápá lọ sókè òkun, àmọ́ tiwọn tún le jù, nítorí pé nọ́ńbà kan lè bá ìwọ̀n méjì mu láìṣe àjèjì níbì kankan. Ká ní olùrà sọ pé "1,200 ni mo ń gbà á." Ó lè jẹ́ náírà lórí kílò, ó sì lè jẹ́ dọ́là lórí tọ́ọ̀nù, ìyẹn 1,000 kílò. Bí dọ́là bá jẹ́ ₦1,500, dọ́là 1,200 lórí tọ́ọ̀nù jẹ́ ₦1,800 lórí kílò. Ẹrù 20 tọ́ọ̀nù á wá fi mílíọ̀nù méjìlá náírà yàtọ̀. Ẹni tó ń ta á gbọ́dọ̀ gba nǹkan mẹ́rin sílẹ̀ kí mọ́tò tó gbéra: owó wo, lórí ìwọ̀n wo, iye dọ́là ọjọ́ wo, àti ibi tí wọ́n ti máa wọn ẹrù náà. Kajú tó ṣì tutù máa ń fúyẹ́ sí i bó bá ṣe ń gbẹ, nítorí náà ìwọ̀n ibi tí wọ́n ti kó ẹrù àti ìwọ̀n Àpápá kì í fi bẹ́ẹ̀ dọ́gba.

Ní ti ẹ̀wà, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jáde lórí fóònù kí alásè tó fowó ránṣẹ́ kò gùn: "Ẹ̀wà olóyin, àpò mẹ́rin, 50 kílò ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦52,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ ₦208,000, owó ọkọ̀ kò sí níbẹ̀." Kí Alhaja fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ padà. Tí ẹrù bá dé, kí wọ́n gbé àpò kan sórí ìwọ̀n lójú ẹni tó gbé e wá, kí onímọ́tò tó lọ.