Ẹ má wá 412 000 kiri

Bí ìwé gbèsè bá dé láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ọjà láwìn fún ṣọ́ọ̀bù, tí iye ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò bá ti ìwé ilé mu, ọ̀pọ̀ akọ̀wé á yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, wọ́n á wá máa wá iye tó kù kiri. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣìnà.

Ká mú ṣọ́ọ̀bù ohun ìkọ́lé kan ní Kétu, tó ń rajà lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Kutọnu. Ní 31 oṣù keje, ìwé oníṣòwò ní gbèsè jẹ́ 1 460 000 sẹ́fà. Kọ́ǹtù 401 ti ṣọ́ọ̀bù, níbi tí wọ́n ń kọ gbèsè àwọn olùtajà sí, ní 1 048 000 ni. Ìyàtọ̀ jẹ́ 412 000, ṣùgbọ́n kò sí ọjà kankan tó jẹ́ iye yẹn. Nǹkan mẹ́ta ló dì mọ́ra níbẹ̀.

Ẹ fi bírò sàmì sí gbogbo ìlà tó bára mu ní ìwé méjèèjì: nọ́ńbà kan náà, iye kan náà. Èyí tí kò ní àmì ló kù láti wádìí.

Àkọ́kọ́ ni 250 000 tí ṣọ́ọ̀bù fi ránṣẹ́ ní báǹkì ní ọjọ́ 30, tí oníṣòwò kò tíì rí nígbà tó tẹ ìwé rẹ̀. Kò sí ohun tí ẹ máa tún ṣe nínú ìwé tiyín. Ẹ kàn wò ó bóyá ó hàn lóṣù tó ń bọ̀.

Èkejì ni irin 180 000 tó ti wọlé, ṣùgbọ́n tí ìwé owó rẹ̀ kò tíì dé. Ẹ má ṣe kọ ọ́ tìtorí pé oníṣòwò ti kọ ọ́. Ẹ bèèrè ẹ̀dà ìwé owó tó ní kóòdù QR ti ìjọba, kí ẹ sì fi wé ìwé tí ẹ fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n já ọjà.

Ẹ yọ méjèèjì kúrò: ìwé ṣọ́ọ̀bù wá fi 18 000 ga ju ti oníṣòwò lọ. Èyí ló dùn jù. 18 000 ṣeé fi 9 pín láìṣẹ́kù, àmì pé ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti yí nọ́ńbà padà. Ó fún wa ní 2 000, nítorí náà ẹ wá ibi tí nọ́ńbà méjì tí wọ́n fi 2 ju ara wọn lọ ti gba ipò ara wọn: 68 000 ni wọ́n kọ sí 86 000. Kì í ṣe ẹ̀rí o. Nínú iye mẹ́sàn-án tó tẹ̀ léra, ọ̀kan á ṣeé fi 9 pín ṣáá. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé 412 000 kò ṣeé fi 9 pín rárá. Ẹni tó dìrọ̀ mọ́ àpapọ̀ kò ní rí àmì yìí láéláé.

Tí ẹ bá tún 86 000 ṣe sí 68 000, tí ẹ sì kọ irin 180 000 nígbà tí ìwé owó rẹ̀ bá dé, 1 210 000 ló kù nínú ìwé ṣọ́ọ̀bù, ti oníṣòwò náà á sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ bí 250 000 bá wọlé.

Àṣìṣe tó burú jù kò tilẹ̀ ní ìyàtọ̀ kankan. Bí ẹ kò bá kọ ọjà 60 000, tí ọ̀gá sì ti san 60 000 lọ́wọ́ láìsọ fún akọ̀wé, ìsàlẹ̀ ìwé méjèèjì á bára mu géérégé.