Orin tó gba ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń kà á

Àbúrò mi obìnrin tó ń ṣe télọ̀ ní Kàbà gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi nígbà tí Spotify Wrapped jáde, àkójọ ohun téèyàn gbọ́ jù lọ́dún tí Spotify máa ń ṣe. Orin kan tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ ló wà lókè àkójọ rẹ̀. Fújì tó fi ń ránṣọ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ mi. Fújì yìí ni mo gbọ́ jù."

Òótọ́ ló sọ, òun ló gbọ́ jù. Ohun tí kò mọ̀ ni pé iye ìgbà tí orin dún ni wọ́n fi ń to àwọn orin yẹn, kì í ṣe bó ṣe pẹ́ tó. Bí orin bá ti dún fún 30 ìṣẹ́jú àáyá, ó ti di ẹ̀ẹ̀kan. Bó o bá gbọ́ ọ dé ìparí, ẹ̀ẹ̀kan náà ṣì ni. (Orí 30 ìṣẹ́jú àáyá yìí kan náà ni wọ́n ń dúró sí kí wọ́n tó ka orin fún olórin.)

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Fújì yẹn gba 20 ìṣẹ́jú. Ká ní ó gbọ́ ọ nígbà 120 lọ́dún, wákàtí 40 nìyẹn. Ká ní orin kékeré náà dún nígbà 200, kò ju wákàtí 10 lọ. Síbẹ̀ 200 ló máa borí 120. Ibi tí wákàtí 40 yẹn ti hàn ni àròpọ̀ gbogbo ìṣẹ́jú tó fi gbọ́ orin lọ́dún.

Ó tún rò pé àìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló fà á. Rárá o. Orin tó bá ti gbà sílẹ̀ sínú Spotify fúnra rẹ̀, fóònù á ka iye ìgbà tó dún pa mọ́, á sì fi ránṣẹ́ nígbà tí dátà bá dé. Èyí tó ń gbọ́ láti inú mẹ́mórì káàdì tàbí lórí rédíò ni kò lè wọlé.

Oṣù Kejìlá ló dùn mí jù. Ọjọ́ kìíní oṣù Kínní ni kíkà náà ti ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí Wrapped tó jáde ló sì ń parí. Ìgbà aṣọ Kérésì, tí fújì yẹn ń dún mọ́jú ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò sí nínú ti ọdún yìí, kò sì sí nínú ti ọdún tó ń bọ̀.

Mo ní kó lọ sí ojú ìwé àkáǹtì rẹ̀, kó béèrè fún ìtàn gbogbo ohun tó ti gbọ́. Ó lè tó 30 ọjọ́ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Nínú rẹ̀, níwájú orin kọ̀ọ̀kan, èèyàn á rí `ms_played`, bó ṣe pẹ́ tó tí orin náà fi dún, ní ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Pín iye yẹn sí 60000, ìṣẹ́jú tí orin náà fi dún gan-an lo máa rí. Fújì tó bá dún tán á jẹ́ 1200000. Èyí tó bá fò kọjá lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin á jẹ́ 4000, òun náà wà níbẹ̀, bí Wrapped ò tiẹ̀ kà á.